Bí a ṣe ń ṣètò lébírà oko àgbàdo kí ìroko má bàa bá wa lójijì

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá tẹ́ ẹ sì ń dáko ní Kwali, Gwagwalada tàbí Kuje, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lébírà. Ọjọ́ ìgbìn kọ́ lèèyàn máa ń wọ́n jù o, ìroko ni. Ìgbìn ń yá, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbin gbogbo oko lọ́sẹ̀ kan náà, gbogbo koríko náà á hù lọ́sẹ̀ kan náà, ẹ̀ẹ́ sì máa wá èèyàn kiri nígbà tí gbogbo aládùúgbò náà ń wá wọn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó máa wà nílé lásìkò yẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin tó máa ń sọ̀kalẹ̀ láti apá Katsina àti Sokoto nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó bá yín ṣánlẹ̀, oko tiwọn ni wọ́n ń padà sí tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún, torí náà ẹni tó ṣánlẹ̀ ní March lè má sí ńbẹ̀ ní June. Àwọn Gbagyi tó wà ládùúgbò ò ní lọ, àmọ́ àwọn náà ní oko, ọ̀pọ̀ ló sì jẹ́ pé oko tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ láàárọ̀. Ẹ bi wọ́n ní April, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa: ọjọ́ wo lẹ máa ń lọ sóko yín, ọjọ́ wo lọjà?

Lẹ́yìn náà, ẹ mọ bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí èèyàn kan roko láàárọ̀ kan, kẹ́ ẹ ka iye poro tó ṣe, kẹ́ ẹ wá fi pín iye poro tó wà nínú hẹ́kítà kan. Ká ní ó já sí 20, ìyẹn ni pé èèyàn kan máa lo ọjọ́ 20 lórí hẹ́kítà kan. Ẹni tó ní hẹ́kítà 3 ní iṣẹ́ ọjọ́ 60 nílẹ̀ nìyẹn, àgbàdo ò sì lè dúró, ìroko àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ parí ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn ìgbìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ koríko á ti jẹ fatiláísà yín. Ká ní ọjọ́ 10 lẹ ní láti fi ro ó, tẹ́ ẹ bá yọ Jímọ̀, Sọ́ńdè, ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ òjò nínú rẹ̀, bí ọjọ́ 6 ló kù tẹ́ ẹ lè fi ṣiṣẹ́. 60 sí ọ̀nà 6, èèyàn 10! Níbo lẹ ti fẹ́ rí wọn ní June?

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe rèé: ẹ gbin hẹ́kítà kan lọ́sẹ̀ kan. Ìgbìn á wà lọ́sẹ̀ 1, 2 àti 3. Ìroko àkọ́kọ́ á bọ́ sí ọ̀sẹ̀ 4, 5 àti 6, ìkejì, tá a máa ń fi kó ebè síi nídìí tá a sì ń fún un ní yúríà, á bọ́ sí 7, 8 àti 9. Kò sí èyí tó gun ara wọn. Iṣẹ́ ọjọ́ 20 lọ́sẹ̀ kan, ọjọ́ 4 lẹ fi ń ṣe é, èèyàn 5 ti tó, ẹ fi ẹnì kan kún un torí àìsàn àti ayẹyẹ, àwọn 6 kan náà lẹ ó máa lò títí. Èèyàn sì fẹ́ràn ibi tíṣẹ́ ò ti ní dá, ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí wọ́n padà wá.

Ẹ ṣọ́ra nípa irúgbìn o. Oríṣi kan náà ni kẹ́ ẹ gbìn lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tẹ́ ẹ bá gbin èyí tó ń lo ọjọ́ 115 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ wá gbin ti ọjọ́ 100 lọ́sẹ̀ kẹta, ọjọ́ kan péré ló máa wà láàárín gbígbó wọn, èèyàn 6 yín ò ní tó fún ìkórè mọ́. Ẹ má sì na ìgbìn kọjá bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí òjò ibí ń parí ní October.

Owó ńkọ́? Ìroko àti ebè, ẹ fi poro san án, àmọ́ kẹ́ ẹ rìn láàárín poro kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹni tó ń kánjú á fi ilẹ̀ bo koríko mọ́lẹ̀, tí òjò kan péré bá ti rọ̀, koríko náà á tún dìde. Ìgbìn àti fatiláísà, owó ojúmọ́ ni kẹ́ ẹ san, torí ẹni tẹ́ ẹ bá fi poro san á da hóró mẹ́rin márùn-ún sínú ihò kan kó lè tètè parí.

Tó bá di ìkórè tẹ́ ẹ sì ní sóyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sóyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó àwọn èèyàn lọ bá. Tí ewé rẹ̀ bá ti wọ́ tán tí èèpo sì ti pọ́n, oòrùn ọjọ́ mélòó kan lè jẹ́ kó là, kó fọ́n sílẹ̀. Àgbàdo lè dúró lórí igi rẹ̀ fúngbà díẹ̀: ẹ bó hóró kan wò, tí ìdí rẹ̀ bá ti dúdú, ó ti gbó. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí kòkòrò tó ti ń lu ihò sára hóró, ẹ kó o wálé lọ́jọ́ náà.