Àṣìṣe tó ń mú ìṣó tẹ̀, tó sì ń mú igi yọ lára igi: ohun tí a bá nídìí kíósìkì kan ní Àsẹ̀rò

Ìyá kan tó ń ta ohun èlò ọbẹ̀ ní Àsẹ̀rò, ní Abẹ́òkúta níbí, fẹ́ kó kíósìkì onípákó rẹ̀ lọ sí Ọbántókò. Kíósìkì náà kò tíì pé ọdún kan. Ọkùnrin mẹ́fà dì í mú ní igun, wọ́n ní kí wọ́n gbé e sórí ọkọ̀. Wọ́n gbé e lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kíósìkì kò bá wọn lọ. Ògiri àti òrùlé ló wà lọ́wọ́ wọn. Igi ìsàlẹ̀ àti pákó tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ wà níbi tó wà, ìṣó sì yọ ṣóńṣó sókè lára rẹ̀ bí eyín. Wọ́n pè mí kí n wá wò ó.

Igi kọ́ ló bàjẹ́. Kò sí ikán, kò sì sí ìrà. Gbogbo igi ìdúró ló yọ lára ìṣó wọn ní mímọ́, bí ẹni fa ọ̀bẹ yọ nínú iṣu. Ohun tí mo rí lára àwọn ìṣó yẹn ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé àṣìṣe kan náà ni mò ń bá pàdé lára ìlẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, lára tábìlì ọjà àti lára àtíbàbà, ọwọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tó gbọ́n lójú iṣẹ́ ló sì ti ń wá.

Ẹni tó kan kíósìkì náà fi tú-báì-fóò ṣe igi ìsàlẹ̀, ó dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ, ó sì fi tú-báì-tírì ṣe igi ìdúró. Ó dojú igi ìsàlẹ̀ dé, ó kan ìṣó íǹṣì 3 láti ìsàlẹ̀ gba inú rẹ̀ wọ ìdí igi ìdúró, méjì méjì. Ó rọrùn láti ṣe, ojú kò sì rí orí ìṣó nígbà tó bá parí. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ló sì burú jù.

Ẹ wo ibi tí a ti fi ayùn gé igi. Bí ìdì ìgbálẹ̀ ni inú igi rí: iṣan rẹ̀ tò láti ìdí dé orí. Ìṣó tó bá gba ẹ̀gbẹ́ igi wọlé ń kọjá láàárín àwọn iṣan náà ní ìbú, wọ́n á fún un mọ́ra lọ́tùn-ún lósì. Ṣùgbọ́n èyí tó bá gba ìdí igi wọlé ń bá iṣan rìn lọ ní gígùn, ó kàn ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni, agbára tí wọ́n fi dì í mú kò tó ti ẹ̀gbẹ́. Tí ẹ bá wá fà á ní tààrà, ọ̀nà tó gbà wọlé náà ni yóò gbà jáde. Igi tútù tún ń dá kún un. Igi tí a rà lọ́wọ́ alági lọ́jọ́ tí wọ́n là á máa ń tutù nínú. Bó bá ti ń gbẹ, ó ń fún kúrò lára ìṣó, ìṣó tó le lọ́jọ́ tí a kàn án á sì tú lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Bí ẹ bá lè to igi yín síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó kàn án, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe kejì wà nínú gígùn ìṣó. Tú-báì-fóò tí a ń rà kì í pé íǹṣì 2 ní nínípọn. Ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 1¾ lẹ́yìn tí ayùn bá ti jẹ tirẹ̀. Nínú ìṣó íǹṣì 3, íǹṣì kan ó lé díẹ̀ ló kù tó wọ igi ìdúró, ìdí igi ló sì wọ̀. Kí ẹ tó kan ìṣó, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ igi méjèèjì kí ẹ fi ojú wò ó: ìdajì rẹ̀, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ wọ igi kejì, ó sì dára kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo ìṣó íǹṣì 4 láti kan tú-báì-tú mọ́ igi òrùlé, tí a sì ń lo íǹṣì 2 tàbí 2½ láti kan pákó oníńṣì kan. Pákó ara kíósìkì yẹn, ìṣó íǹṣì 1½ ni wọ́n fi kàn án, àwọn kan ti ń ṣí lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Èyí tó gùn jù kò dára pẹ̀lú, nítorí bí ìṣó ti ń gùn ló ń nípọn. Bí ẹ bá fi íǹṣì 4 kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́, pákó á là, ẹnu ìṣó á sì yọ lẹ́yìn tí yóò máa ya aṣọ oníbàárà.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò fi lo èyí tó gùn? Mo rí ìdáhùn lára igi ìsàlẹ̀ náà. Ìṣó íǹṣì 4 mẹ́ta wà níbẹ̀ tó ti tẹ̀, tó sì fi òòlù lù wọ́n bálẹ̀ kí wọ́n má baà hàn. Igi apá ni igi ìsàlẹ̀ yẹn, ó sì ti gbẹ. Ìṣó gígùn ń tẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ló bá padà sí kúkúrú. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí kò lágbára, ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọwọ́ ló ń tẹ ìṣó ju líle igi lọ. Ẹni tó bá di òòlù mú nítòsí orí rẹ̀, tó ń fi ọrùn ọwọ́ lù ú, ẹnu òòlù á máa balẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ di ìdí igi òòlù mú. Ẹ kọ́kọ́ kan ìṣó jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta títí yóò fi dá dúró, kí ẹ tó mú ọwọ́ kúrò, kí ẹ wá lù ú láti ìgúnpá. Lásìkò tí òòlù bá kan orí ìṣó, kí igi òòlù wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú ojú igi tí ẹ ń kàn. Bí ọwọ́ yín bá ga jù tàbí tó rẹlẹ̀ jù ní àsìkò náà, òòlù á ti ìṣó sápá kan, ibẹ̀ ni yóò tẹ̀ sí. Ẹ tún wo ẹnu òòlù yín. Oje igi àti ọ̀rá máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, á sì máa yọ̀ lórí ìṣó. Ẹ fi sáńpépà pa á. Òòlù tí kò wúwo tó ìdajì kílò kò yẹ ìṣó íǹṣì 4, nítorí ẹ ó lù ú ní ogún ìgbà níbi tó yẹ kó jẹ́ mẹ́fà, ìlù kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ààyè tuntun láti ṣì í lù. Bí igi bá ń fò sókè bí ẹ ti ń kàn án, ẹ fi nǹkan tó wúwo tì í lẹ́yìn.

Bí ìṣó bá ti tẹ̀, ẹ má na án níbi tó wà kí ẹ máa lù ú lọ. Ẹ fi pákó pélébé sábẹ́ òòlù, kí ẹ fi ìwo rẹ̀ fà á yọ, kí ẹ sì kan tuntun ní nǹkan bí íǹṣì kan sí ibẹ̀. Ihò àtijọ́ ti wọ́, yóò wọ́ tuntun náà ni. Tí méjì bá tẹ̀ lójú kan náà, kókó igi ló wà níbẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀.

Fún igi líle bí apá àti àyín, ẹ fi dírìlì lu ọ̀nà fún ìṣó. Kí ihò náà tín-ín-rín ju ìṣó lọ díẹ̀, kó sì jìn tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ìṣó. Bí ẹnu dírìlì kò bá sí, ẹ gé orí ìṣó tó tín-ín-rín ju ti iṣẹ́ yín lọ, kí ẹ fi í sẹ́nu dírìlì. Ó ń ṣiṣẹ́. Arère kò nílò èyí rárá, ìṣó ń wọ inú rẹ̀ wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó tún ń tètè fi í sílẹ̀.

Bí a ṣe tún un ṣe nìyí. A kò kan ìṣó láti ìsàlẹ̀ mọ́. A gbé igi ìdúró sórí igi ìsàlẹ̀, a sì kan ìṣó íǹṣì 3 mẹ́rin láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀: méjì láti ọ̀tún, méjì láti òsì, ojú tó fẹ̀ tó íǹṣì 3 ni wọ́n gbà wọlé. Ìṣó bẹ̀rẹ̀ ní íǹṣì kan sókè sí ìdí igi ìdúró. Ó ń sọ̀kalẹ̀ íǹṣì méjì fún íǹṣì kan tó bá wọ inú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, íǹṣì kan ó lé díẹ̀ ni igi ìdúró gbà lára ìṣó náà, ìyókù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó íǹṣì 2 wọ igi ìsàlẹ̀ láti ojú rẹ̀, ó sì jìn ju íǹṣì 1½ lọ láìyọ lábẹ́. Ìṣó ọ̀tún ń fì sósì, ti òsì ń fì sọ́tùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ fa igi yẹn sókè kò lè fà á ní ọ̀nà tí ìṣó gbà wọlé, àyàfi kó tẹ ìṣó tàbí kó fa igi ya.

Ibi tí ọmọ iṣẹ́ ti ń ṣì í ni ibi ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tèmi bẹ̀rẹ̀ ní íǹṣì 2 sókè. Mo ní kó wọ̀n ọ́n, ohun tó kù tí yóò wọ igi ìsàlẹ̀ kò pé íǹṣì kan. Tí ẹ bá sì bẹ̀rẹ̀ ní ìdajì íǹṣì, ìdí igi á là. Bí ìṣó bá dúró ṣánṣán jù, ara igi ni yóò máa họ, yóò sì bẹ́ jáde lójú kan náà. Bí ó bá dùbúlẹ̀ jù, kò ní jìn sí ìsàlẹ̀. Ẹnu ìṣó kì í mú ojú igi dáadáa tí a bá dà á gẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ kàn án wọlé díẹ̀ ní ìdúró, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sí ìdàgẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ìṣó ọ̀tún àti tòsì wà ní ìdojúkọ ara wọn, wọ́n á pàdé nínú igi, èyí tó kẹ́yìn á sì tẹ̀.

Ìṣó ìdàgẹ̀rẹ̀ tún máa ń ti igi kúrò lójú ìlà. A fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sàmì, a wá kan ègé tú-báì-tú mọ́ ìsàlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó máa ti igi ìdúró lẹ́yìn, a kan apá kan tán, a yọ ègé náà, a wá kan apá kejì. Níbi tí ìdí igi ti fẹ́ máa là, mo ní kí wọ́n gbé ìṣó dojú dé orí irin, kí wọ́n fi òòlù lu ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó kúńdú. Ẹnu mímú ń ya iṣan igi sọ́tọ̀, èyí tó kúńdú ń fọ́ wọn níwájú ara rẹ̀, igi kì í sì fi bẹ́ẹ̀ là.

Ní ti òrùlé, n kò gbẹ́kẹ̀ lé ìṣó ìdàgẹ̀rẹ̀ nìkan. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò lágbára níbi gbangba ní Ọbántókò, ó sì ń ti abẹ́ páànù gbé e sókè. A fi irin pẹlẹbẹ wé igi òrùlé mọ́ igi ìdúró ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a kan ìṣó láti ẹ̀gbẹ́ gba inú irin náà wọ igi méjèèjì. Lọ́jọ́ kejì àwọn ọkùnrin mẹ́fà padà wá, wọ́n gbé kíósìkì náà ní igun, gbogbo rẹ̀ sì bá wọn dìde pẹ̀lú ilẹ̀ rẹ̀.