Bí mo ṣe mú ìkòkò ọbẹ̀ ata ńlá tutù kó tó wọ fíríìjì

Ọbẹ̀ tí a dà nù lọ́jọ́ ìnáwó màmá wa ṣì ń dùn mí. Èmi ni mo lọ ra tòmátò, tàtàṣé àti ata rodo ní Bódìjà, èmi náà ni mo san owó ẹran. Alásè tí a gbà se ọbẹ̀ náà lọ́jọ́bọ̀, ìkòkò lítà 20 kún dẹ́múdẹ́mú. Ó fi ìdérí dé e pa, ó fi í sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé di àárọ̀, ìgbà náà ló tó wá gbé odidi ìkòkò sínú fírísà. Nígbà tí a ṣí i láàárọ̀ Sátidé, ìfófòó ti bo ojú òróró, òórùn kíkan sì lù wá nímú.

Alásè ní iná tí wọ́n mú ló fà á. Irọ́ ni. Ẹja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò yẹn nínú fírísà kan náà dì gbagidi. Eteetí ọbẹ̀ pàápàá ti dì, àárín rẹ̀ nìkan ló ṣì ń ṣàn. Fírísà ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ìkòkò ni kò jẹ́ kí ooru jáde.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ yẹ kí gbogbo ẹni tó ń sè fún èrò mọ̀. Híhó ọbẹ̀ kì í pa gbogbo kòkòrò tí ojú kò lè rí. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Klọsitrídíọ̀mù, tó máa ń wà lára ẹran. Ó ní èso líle tí híhó lásán lè má pa. Bí ọbẹ̀ bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, èso náà á hù, á sì máa bí sí i. Ibi tó ti ń yára jù ni nǹkan bíi dígírì 43 sí 47 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, níbi tó ti lè di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bíi ìṣẹ́jú 10. Òun kì í sábà mú ọbẹ̀ kan tàbí kó rùn, ìdí nìyẹn tí imú kò fi tó láti fi dá a mọ̀. Ìlànà oúnjẹ títà ní Amẹ́ríkà sọ pé kí oúnjẹ sísè kúrò ní dígírì 57 dé 21 láàárín wákàtí 2, kó sì dé 5 kí wákàtí 6 lápapọ̀ tó pé. Ohun tí mo fi ṣe òṣùwọ̀n nìyẹn nígbà tí mo fọwọ́ ara mi se ọbẹ̀ ìdúpẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Bí a ṣe ń din ata, ẹ mọ̀ ọ́n. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Mo kọ́kọ́ ṣa ẹran kúrò, mo tẹ́ ẹ sórí tíréè láìjẹ́ kó gorí ara wọn, nítorí ẹran ńláńlá máa ń fi ooru pamọ́ sínú. Mo wá pín ọbẹ̀ sínú abọ́ àlùmíníọ́ọ̀mù fẹ̀ǹfẹ̀ mẹ́rin, kò ju sẹ̀ntímítà 5 lọ ní jíjìn. Jíjìn yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí ọbẹ̀ kíki bá jìn ní ìlọ́po méjì, àkókò tí àárín rẹ̀ máa fi tutù lè di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ má ṣe dà á sínú kúlà o. Iṣẹ́ kúlà ni láti di ooru mú.

Ibi tí inú ti bí mi nìyí. Gbogbo ẹni tó ń kọ́ni ní nǹkan yìí á ní kí o gbé abọ́ sínú omi ẹ̀rọ tó tutù. Ta ló ní omi tútù lẹ́nu ẹ̀rọ n'Ìbàdàn lọ́sàn-án? Omi tiwa ti orí òrùlé wá, láti inú táǹkì dúdú tí oòrùn ti ń sá láti àárọ̀. Mo ki tẹmọ́mítà bọ̀ ọ́, ó kà 36. Mo gbé àwọn abọ́ sínú bàsíà omi náà, mo ń rò ó. Láti 80 sí 50 kò pẹ́ rárá. Nígbà tó dé 43, ó dúró. Mo rò ó, mo tún rò ó, 42. Mo pààrọ̀ omi, 41. Inú ilé pàápàá ń lọ sí 31, ibo ni ooru fẹ́ gbà lọ? Ọbẹ̀ kò lè tutù ju ohun tó yí i ká lọ, ibi tó sì dúró sí yìí gan-an ni kòkòrò yẹn fẹ́ràn.

Mo rán àbúrò mi lọ ra píọ̀ wọ́tà tó dì, àpò méjì. Ẹni tó ń tà á gbé owó lé e nígbà tó rí i pé a ń kánjú, síbẹ̀ òmíràn dì lóde lásán. Bí mo ṣe fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan, ó wọlé, omi sì ń mì nínú rẹ̀. Mo dá àwọn yẹn padà, a sì tahùn síra wa díẹ̀ kó tó pààrọ̀ wọn. Àkókò ń lọ.

Nígbà tí mo padà, ẹ̀gbọ́n màmá wa ti ń wá ìdérí kiri.

"Ìwọ ọmọ yìí, eṣinṣin ò ní jẹ ọbẹ̀ yìí tán? Dé e!"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìdérí ló ba ti ìjọsí jẹ́. Mo fẹ́ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó ni."

Wọ́n wò mí, wọn ò fèsì, àmọ́ àwọn fúnra wọn ló wá bá mi di etí nẹ́ẹ̀tì náà mú.

Mo da omi gbígbóná nù pátápátá kí n tó kó yìnyín sí bàsíà, torí omi yẹn ì bá ti jẹ ẹ́ tán. Mo bu omi díẹ̀ mọ́ ọn kó lè kan gbogbo ara abọ́, nítorí yìnyín láìsí omi, ibi kọ̀ọ̀kan ló ń kàn. Mo ń fi ṣíbí mímọ́ rò ó láti ìsàlẹ̀ wá sókè, kí òróró tó léfòó má bàa bo ooru mọ́lẹ̀. Ní báyìí, nọ́ńbà ń sọ̀kalẹ̀ lójú mi: 35, 28, 24. Kí aago márùn-ún tó lù, àárín abọ́ tó gbóná jù ti kà 20. Inú mi dùn débi pé mo pe gbogbo ilé wá wò ó.

Mo tò wọ́n sínú fíríìjì láìtò wọ́n léra, mo fi àlàfo sáàárín wọn, mo sì fi ìdérí wọn sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀ títí wọ́n fi dé 5, kó tó di aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹran náà wọlé bákan náà. Ìgbà yẹn ni mo tó dé wọn pa.

Bí mo bá tún fẹ́ ṣe é, láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni yìnyín máa ti wà nílé, nínú ìgò ike pẹ̀lú. Ìgò omi dídì tí a fọ ara rẹ̀ dáadáa, tí ìdérí rẹ̀ le, ṣeé fi ro ọbẹ̀ láti inú. Omi táǹkì á gbé e dé nǹkan bíi 45; láti ibẹ̀ lọ, yìnyín nìkan ni.