Tí ẹ bá máa pẹ́ débi iṣẹ́, ẹ dá aago tó ṣeé gbára lé

Ẹ̀yin ará, tí omi bá ya bo títì tàbí tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá há yín mọ́, ẹ má kàn kọ "mo ti ń bọ̀" sí ọ̀gá. Ẹ wo aago tí máàpù orí fóònù ní ẹ máa dé, kí ẹ tún un wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10. Ká ní 8:25 ló sọ tẹ́lẹ̀, tó wá di 8:35, a jẹ́ pé ọkọ̀ ò tíì kúrò lójú kan nìyẹn. Ẹ fi àyè díẹ̀ kún un, kí ẹ sọ fún ọ̀gá pé 9:00 lẹ máa dé:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Omi ti bo ọ̀nà, ọkọ̀ ò rìn. Màá dé ní 9:00. Tó bá máa jù bẹ́ẹ̀ lọ, màá pè yín kó tó di 8:40."

Ọ̀gá á lè tètè wá ẹni tó máa dúró fún yín.