Bí mo ṣe sọ fídíò aláró wákàtí 4 di ìṣẹ́jú 2

Ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ni mo ti ya àwọn aláró adìrẹ, láti aago 10 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán. Oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà lásìkò yẹn bíi ti ìdájí. Mo tẹ ojú fóònù mọ́lẹ̀ títí àmì àgádágodo fi hàn, kí ìmọ́lẹ̀ àti ojú kámẹ́rà má baà máa yí fúnra wọn. Bí a kò bá tì í, gbogbo ìkùukùu tó bá kọjá ló máa mú kí àwòrán máa mọ́lẹ̀ kó sì máa ṣókùnkùn lójijì nígbà tí fídíò bá ń sáré.

Ìlọ́po eré ni mo kọ́kọ́ wá. Gígùn fídíò kọ́ ló ń pinnu rẹ̀, ohun tó kúrú jù lọ tí mo fẹ́ kí èèyàn rí ni. Tèmi ni aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró: bí ewéko ló rí ní àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, á di búlúù. Ó gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 níbi tí mo ti yà á. Ìlọ́po 240 á parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan àti díẹ̀, ojú ò ní bá a. Ìlọ́po 120 fún un ní ìṣẹ́jú àáyá 2 ààbọ̀, gbogbo fídíò sì jẹ́ ìṣẹ́jú 2.

Fóònù máa ń gé fídíò gígùn sí fáìlì púpọ̀. Mo tò wọ́n sínú `list.txt` bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn:

```
file '1.mp4'
file '2.mp4'
```

Lẹ́yìn náà, mo pa àṣẹ yìí fún ffmpeg, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣàtúnṣe fídíò:

```
ffmpeg -f concat -safe 0 -i list.txt -vf "setpts=PTS/120,fps=120,tmix=frames=4,fps=30" -an aro.mp4
```

`setpts` ń fi àkókò pín, kì í ka iye àwòrán. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: wọ́n á ní kí ó máa mú àwòrán kan nínú 120. Bẹ́ẹ̀, tí ibi tí fóònù wà bá ṣókùnkùn díẹ̀, ó lè dín iye àwòrán tó ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan kù. Fídíò á wá sáré níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. `tmix` da àwòrán 4 pọ̀, ọ̀kan láti ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kí ọwọ́ aláró má máa fò. Ẹni tó bá sáré kọjá á dà bí èéfín. Ìyẹn ò dùn mí.

Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn. Ìṣẹ́jú àáyá 30 nínú `aro.mp4` gbọ́dọ̀ jẹ́ aago 11 gan-an, 60 jẹ́ aago 12. Bí kò bá bá a mu, àlàfo wà láàárín fáìlì. Bátírì tí a fi ìṣẹ́jú 3 pààrọ̀ ti jẹ ìṣẹ́jú àáyá 1 ààbọ̀, òjìji á sì fò lójijì. Àtúnṣe kankan ò lè dá ohun tí a kò yà padà, nítorí náà ẹ so bátírì alágbèéká mọ́ fóònù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.