Èyí tó gùn jù ni ìdáhùn: ìrírí mi nídìí ìbéèrè Síífìkì

Ogún ìbéèrè ni mo kọ́kọ́ kọ. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni, wọ́n ti mú iná lọ, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tanná sí ìwé. Orí ọ̀rọ̀ náà ni pínpín agbára láàárín ẹ̀ka mẹ́ta ìjọba, àti bí ẹ̀ka kan ṣe ń ká èkejì lọ́wọ́ kò. Ọbujẹ́tíìfù ni gbogbo rẹ̀, ìdáhùn mẹ́rin mẹ́rin, kí ọmọ mú ọ̀kan. Ọmọ ogójì ló wà ní kíláàsì mi, ọdún karùn-ún girama, ní Apẹ̀tẹ̀ níbí.

Nígbà tí mo máàkì tán, inú mi dùn, nítorí ọ̀pọ̀ wọn gba 16 sókè. Àfi bí mo ṣe rí i pé ọmọkùnrin kan tí kì í ṣí ìwé wò gba 17. Mo pè é. Mo ní, "Ìwọ, iṣẹ́ ta lo wò?" Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Mi ò wo iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Èyí tó bá ti gùn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo ń mú."

Mo gbé ìbéèrè mi, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Òótọ́ lọmọ sọ. Ìdáhùn tó tọ̀nà nìkan ni mo máa ń là yé dáadáa, kí òbí kankan má baà wá bá mi jà. Àwọn mẹ́ta yòókù, mo kàn sọ wọ́n síbẹ̀ ni. Mo fa gbogbo rẹ̀ ya.

Lẹ́ẹ̀kejì, mẹ́jọ péré ni mo kọ, mi ò sì kọ ìdáhùn èké kankan láti orí ara mi. Ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá wọn ni mo ṣí, mo ń ṣa àṣìṣe wọn jọ. Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni pé wọ́n gbà pé pínpín agbára àti kíká ara ẹni lọ́wọ́ kò, ohun kan náà ni. Ni mo bá kọ èyí:

Nínú èwo ni ẹ̀ka ìjọba kan ti ká ẹ̀ka mìíràn lọ́wọ́ kò?
A. Ilé Aṣòfin jókòó, wọ́n sì ṣe òfin tuntun.
B. Ilé Aṣòfin kọ ẹni tí gómìnà fẹ́ fi ṣe kọmíṣánnà.
D. Ilé-ẹjọ́ gbọ́ ẹjọ́ olè, ó sì dájọ́ ẹ̀wọ̀n fún un.
E. Kọmíṣánnà ń darí ilé-iṣẹ́ tí gómìnà fi sábẹ́ rẹ̀.

B ni ìdáhùn. Nínú mẹ́ta yòókù, kálukú ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ni, ìyẹn gan-an sì ni pínpín agbára. Nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, abala 4 gbé iṣẹ́ fún aṣòfin, abala 5 fún aláṣẹ, abala 6 fún ilé-ẹjọ́. Abala 192 ló wá ní kí gómìnà má fi ẹnikẹ́ni ṣe kọmíṣánnà láìjẹ́ pé Ilé Aṣòfin fọwọ́ sí i. Bí ọmọ bá ti rí ẹ̀ka méjì nínú gbólóhùn, tí ọ̀kan sì ń dí èkejì lọ́wọ́, ó ti rí ìdáhùn.

Ìbéèrè tó fún mi láyọ̀ jù, ọ̀rọ̀ Ìbàdàn yìí náà ni. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní 2006, àwọn aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kan ní àwọn ti yọ Gómìnà Rashidi Ladoja, ẹni tó wá jẹ Olúbàdàn ní 2025. Nínú 32 tí wọ́n jẹ́, 18 péré ló wà nídìí rẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n sì ti ṣèpàdé. Abala 188 sì sọ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Mo bi wọ́n pé, nínú ọmọ ilé 32, ó kéré tán, ẹni mélòó ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí gómìnà tó lè kúrò lórí àga? A ni 17, B ni 18, D ni 21, E ni 22.

Ẹni 9 mú 17, torí wọ́n rò pé ẹni tó bá ti ju ìdajì lọ ti borí. Ẹni 4 mú 18, àwọn tó ti gbọ́ ìtàn náà nílé. Ẹni 16 mú 21. Ẹni 11 péré ló gba 22. Mo fi han ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ohun tí mo kọ́ wọn ni wọ́n ṣe, mà. Ó jẹ́ 21.33, èyí tó bá sì kéré sí ìdajì lẹ́yìn ojúàmì, a máa ń jù ú nù ni." Ṣùgbọ́n a kì í jù ú nù níbi ìdìbò. Ẹ sọ 21 di ìlọ́po mẹ́ta, 63 ni. Ẹ sọ 32 di ìlọ́po méjì, 64 ni. Ẹni 21 kò tíì pé ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ẹni kan ló kù.

Ẹ̀gbọ́n yìí ló tún kọ́ mi bí mo ṣe máa yẹ ìbéèrè fúnra rẹ̀ wò. Ó ní kí n mú ìwé ọmọ 10 tó ṣe dáadáa jù àti 10 tó gbẹ́yìn, kí n wo iye tó gba ìbéèrè kọ̀ọ̀kan níhà méjèèjì. Ní ti 22 yẹn, 7 gbà á lókè, ẹnì kan ṣoṣo nísàlẹ̀. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí 3 gbà lókè, tí 6 sì gbà nísàlẹ̀. Bí olóye bá ń kùnà ohun tí ọ̀lẹ ń gbà, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ ọmọ, ẹni tó kọ ìbéèrè ni kí a wò.

Ìbéèrè ọ̀hún ni: Ẹ̀ka wo ló lè yọ gómìnà nípò? Aṣòfin ni mo máàkì sí. Ilé-ẹjọ́ làwọn olóye mú. Mo bi ọmọbìnrin kan léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, "Mà, ilé-ẹjọ́ kọ́ ló yọ gómìnà Ọ̀ṣun ni?" Ẹnu mi wọhò. Lóòótọ́, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní Ìbàdàn níbí ló fagi lé ìdìbò Oyinlola ní 2010, tó ní Aregbesola ló wọlé. Ìdáhùn méjì ni ìbéèrè mi ní. Mo fún gbogbo àwọn tó mú ilé-ẹjọ́ ní máàkì wọn, mo sì tún un kọ: Ẹ̀ka wo ló ń dìbò yọ gómìnà nítorí ìwà àìtọ́ ńlá lẹ́nu iṣẹ́? Èyí ò ní ju ìdáhùn kan lọ.

Ọmọbìnrin yẹn ò tíì tán. Ó ti ka abala 188 délẹ̀, ó sì rí ẹsẹ̀ 10 tó ní ilé-ẹjọ́ kankan ò gbọdọ̀ yẹ ìyọnípò wò. Báwo wá ni ilé-ẹjọ́ ṣe dá Ladoja padà? Mo fi ìbéèrè rẹ̀ rọ́pò ìkẹjọ tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀, mo sì lo ọ̀sẹ̀ kan lórí àwọn ìdáhùn èké rẹ̀. Èyí tó tọ̀nà ni pé ẹsẹ̀ 10 ń dáàbò bo ìyọnípò tó bá tẹ̀ lé gbogbo ẹsẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀ nìkan. Ohun tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ nìyẹn ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá 2006. Wọ́n ní àwọn 18 yẹn ò pé iye tí òfin béèrè, nítorí náà kò sí ìyọnípò kankan tí ẹsẹ̀ 10 fẹ́ dáàbò bò.

Mo fún wọn ní mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ Ẹtì. Ọmọ mi ọjọ́sí gba méjì. Ó mú ìwé rẹ̀ tọ̀ mí wá, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, "Mà, gbogbo wọn ló gùn dọ́gba."