Bí A Ṣe Ń Yẹ Máàkì Wò Pọ̀ Lẹ́yìn Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Àgbẹ̀

A kọ ìwé yìí fún àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti àwọn ìdílé tó ń dáko ní Gwagwalada, Kwali àti Abaji, tí wọ́n fẹ́ gba òṣìṣẹ́ sí ilé ìkó-ọjà tàbí sí oko, tí wọ́n sì ti ní kí ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń wá iṣẹ́ náà lẹ́nu wò. Ìpàdé tó ń tẹ̀ lé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà, níbi tí oníkálukú ti ń gbé máàkì tó fúnni kalẹ̀, ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kàn máa ń ro máàkì pọ̀, wọ́n á pín in, wọ́n á sì mú ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù. Àmọ́ 4 tí akápò fúnni lè má rí bákan náà pẹ̀lú 4 tí alága fúnni, bí múdù ìrẹsì ọlọ́jà kan ṣe lè kéré sí ti ẹnì kejì rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé múdù kan náà ni wọ́n ń pè é.

Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀

Kí oníkálukú kọ máàkì rẹ̀ sílẹ̀ kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó wá, kó sì kọ ohun tí ẹni náà sọ tàbí tó ṣe sí ẹ̀gbẹ́ máàkì kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé ni yóò gba gbogbo ìwé náà, tí yóò sì kọ máàkì sórí pátákó tàbí sórí ìwé ńlá kan lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni má baà yí tirẹ̀ padà nígbà tó bá rí ti ẹlòmíràn. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ìpàdé náà wáyé lọ́jọ́ kan náà, nítorí pé bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, ìrísí àti ohùn ẹni náà ni ènìyàn máa ń rántí, ìdáhùn rẹ̀ á sì ti pòórá.

Ẹ gbé ibi tí máàkì ti jìnnà síra yẹ̀ wò

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹgbẹ́ kan ní Gwagwalada ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú ilé ìkó-ọjà, tí alága, akápò àti ọ̀dọ́ kan tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde nínú iṣẹ́ àgbẹ̀ sì fọ̀rọ̀ wá àwọn tó wá lẹ́nu wò. Wọ́n bi ẹnì kọ̀ọ̀kan pé: bí 120 àpò àgbàdo bá wọlé, tí a ta 47, tí kòkòrò sì ba 3 jẹ́ débi pé a dà wọ́n nù, mélòó ló kù, níbo lo ó sì kọ ọ́ sí? Wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan tẹ́lẹ̀ pé 5 jẹ́ ti ẹni tó bá rí 70 láìsí ìrànlọ́wọ́, tó sì sọ pé òun yóò kọ èyí tí a tà àti èyí tó bàjẹ́ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. 3 jẹ́ ti ẹni tó ṣi í ṣe, ṣùgbọ́n tó tún un ṣe nígbà tí wọ́n bi í lẹ́ẹ̀kan sí i. 1 sì jẹ́ ti ẹni tí kò rí i ṣe rárá. Wọ́n gbà pé 4 àti 2 wà fún ẹni tó bá bọ́ sí àárín.

Ẹnì kan nínú àwọn tó wá gba 5 lọ́wọ́ alága, 4 lọ́wọ́ akápò, 2 lọ́wọ́ ọ̀dọ́ náà. Ìyàtọ̀ máàkì 1 kì í ṣe nǹkan tó yẹ kí a fi àkókò ṣòfò lé, ṣùgbọ́n bí ó bá tó 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó yẹ kí a mọ ohun tó fà á. Òwe wa sọ pé ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó, ṣùgbọ́n nínú ìpàdé yìí, a rọ àgbà pé kí ó jẹ́ kí obì pẹ́ díẹ̀: ẹni tó kéré jù ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí alága sì gbẹ̀yìn, nítorí pé bí alága bá ti sọ pé ọmọ náà dára, kò sí ọ̀dọ́ tí yóò ta ko ó níṣojú gbogbo ènìyàn.

Ọ̀dọ́ náà ka ohun tó kọ: ẹni náà pe iye tó kù ní 73, ó gbàgbé àwọn tí kòkòrò bà jẹ́. Akápò fi kún un pé nígbà tí òun bi í nípa àpò mẹ́ta yẹn, ó tún un ṣe sí 70 lójú ẹsẹ̀, ó sì sọ pé òun yóò ní ojú ìwé ọ̀tọ̀ fún ẹrù tó bàjẹ́. Ó wá hàn pé ọ̀dọ́ náà ti jáde lọ dáhùn fóònù ní àkókò yẹn. Ohun tí alága kọ sí ẹ̀gbẹ́ 5 rẹ̀ kò ju “ó sọ̀rọ̀ dáadáa, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni” lọ. Èyí kì í ṣe ìdáhùn sí ìbéèrè náà. Alága àti ọ̀dọ́ náà yí tiwọn sí 3, akápò sì di 4 rẹ̀ mú nítorí ojú ìwé ọ̀tọ̀ yẹn. Kò sí ìdí láti fi agbára mú akápò wá sí 3. Ohun tí a ń wá ni pé kí máàkì kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ojú rí tàbí tí etí gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ bíi “ara rẹ̀ balẹ̀” tàbí “ó jọ ọmọ wa.” Àwa Yorùbá tó ń gbé Abuja tètè máa ń fún ẹni tó bá fi èdè wa kí wa dáadáa ní máàkì, nígbà tó jẹ́ pé Hausa àti Gbagyi ni ọ̀pọ̀ àwọn tí yóò máa gbé ẹrù wá sí ilé ìkó-ọjà náà ń sọ.

Ẹni tó máa ń há máàkì

Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé máàkì rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Bí ó bá fọ̀rọ̀ wá gbogbo wọn lẹ́nu wò, tó sì há a fún wọn bákan náà, kò ba ipò ẹnikẹ́ni jẹ́, nítorí pé gbogbo wọn ni ó fà sẹ́yìn. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí kò bá rí gbogbo wọn, èyí sì wọ́pọ̀ nígbà tí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bá gba ọjọ́ méjì.

Ká ní ẹni àkọ́kọ́ gba 4 àti 4 lọ́wọ́ ẹni méjì, ẹni tó máa ń há máàkì sì fún un ní 2. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10. Bí a bá pín in sí mẹ́ta, ó jẹ́ 3.3. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ń há máàkì kò wá, ẹni kejì sì gba 4 àti 3, èyí tó jẹ́ 3.5. Lórí pátákó, ẹni kejì ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n bí a bá wo àwọn méjì tó rí ẹni méjèèjì nìkan, ẹni àkọ́kọ́ ní 4, ẹni kejì ní 3.5. Ìsinmi ẹnì kan ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó yẹ.

Máàkì àwọn tó rí ẹni méjèèjì ni kí ẹ fi wọ́n wéra. Ẹ má ṣe fi 1 kún máàkì ẹni tó há a nítorí pé ẹ mọ ìwà rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó ti rí àléébù kan tí ẹ̀yin kò rí, nítorí náà ẹ ní kó ka ohun tó kọ, kí ẹ sì gbé e yẹ̀ wò.

Ohun tí ìpàdé kò lè ṣe

Bí ìbéèrè kò bá bá iṣẹ́ náà mu, ìpàdé kò lè tún un ṣe. Bí gbogbo àwọn tó fúnni ní máàkì bá sì fẹ́ràn irú ènìyàn kan náà, wọn yóò fohùn ṣọ̀kan, wọn yóò sì ṣì í mú pọ̀. Bí máàkì ẹni méjì tó ń wá iṣẹ́ náà bá ṣì dọ́gba lẹ́yìn gbogbo àlàyé, ẹ má fi ariwo yanjú rẹ̀: ẹ gbé òṣùwọ̀n àti àpò àgbàdo bíi mẹ́wàá síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ó wọ̀n wọ́n, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé níṣojú yín.

Kí akọ̀wé tọ́jú máàkì àkọ́kọ́ àti èyí tí a yí sí, pẹ̀lú ìdí tí a fi yí i. Bí òṣìṣẹ́ náà bá ti lo àkókò ìkórè kan, ẹ gbé ìwé yẹn jáde, kí ẹ wo máàkì ta ló sún mọ́ ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn.