Àtùpà kan, okùn méjì tí igun wọn ò dọ́gba: ipá wo ló wà nínú okùn kọ̀ọ̀kan?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àtùpà kílò 6 ni wọ́n fi okùn méjì so rọ̀ lábẹ́ àjà, ó sì dúró sójú kan. Igun tó wà láàárín okùn òsì àti àjà jẹ́ 30°, ti okùn ọ̀tún jẹ́ 45°. Mo pín ìwúwo àtùpà sí méjì, mo wá fi sin igun kọ̀ọ̀kan pín ìdajì rẹ̀. Mo rí 58.8 N ní òsì àti 41.6 N ní ọ̀tún. Mo ro ìfà sókè wọn pọ̀, ó bá ìwúwo àtùpà mu rẹ́gí, síbẹ̀ kò bá ìdáhùn inú ìwé mu. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ibi tí ẹ ti pín ìwúwo sí méjì ni. Àfi tí igun méjèèjì bá dọ́gba ni okùn méjèèjì máa ń gbé ìdajì-ìdajì. Níbi tí igun ti yàtọ̀, iye tí okùn kọ̀ọ̀kan gbé wà lára ohun tí à ń wá, a ò lè kọ́kọ́ fi ṣe ohun tí a ti mọ̀.

Àyẹ̀wò tí ẹ ṣe dára, ṣùgbọ́n kò tíì parí. Okùn tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í fa nǹkan sókè nìkan, ó tún ń fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ìfà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ìdáhùn yín:

58.8 × cos 30° = 50.9 N sí òsì
41.6 × cos 45° = 29.4 N sí ọ̀tún

Òsì fi ohun tó lé ní 21 N borí ọ̀tún. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àtùpà yẹn ò ní dúró jẹ́ẹ́, ńṣe ni yóò máa lọ sí òsì. Àtùpà tí wọ́n sì sọ fún wa pé ó dúró sójú kan ni, torí náà iye méjèèjì yẹn ò lè jẹ́ òótọ́.

Ẹ tẹjú mọ́ kókó tí okùn méjèèjì ti pàdé. Ipá mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: okùn òsì ń fà á (ẹ pè é ní T1), okùn ọ̀tún ń fà á (T2), ìwúwo àtùpà sì ń fà á sísàlẹ̀, ìyẹn 6 × 9.8 = 58.8 N. Ìfà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀, torí ìwúwo ò sí níbẹ̀ rárá. Ohun tí òsì bá fà, iye kan náà ni ọ̀tún gbọ́dọ̀ fà padà:

T1 cos 30° = T2 cos 45°
0.8660 T1 = 0.7071 T2
T2 = 1.2247 T1

A ò tíì fọwọ́ kan ìwúwo àtùpà, a sì ti mọ̀ pé okùn ọ̀tún le ju ti òsì lọ. Ìdáhùn yín sọ òdìkejì rẹ̀. Ó ku ìfà sókè, tó gbọ́dọ̀ gbé gbogbo ìwúwo náà:

T1 sin 30° + T2 sin 45° = 58.8

Ẹ fi 1.2247 T1 rọ́pò T2:

0.5 T1 + 0.8660 T1 = 58.8
1.3660 T1 = 58.8
T1 = 43.05 N, T2 = 52.72 N

Ẹ wá yẹ ọ̀nà méjèèjì wò. Ní ẹ̀gbẹ́, òsì fa 37.3 N, ọ̀tún náà fa 37.3 N. Ní òkè, òsì gbé 21.5 N, ọ̀tún gbé 37.3 N, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 58.8 N. Ẹ rí i pé ìpín wọn jìnnà sí ìdajì-ìdajì.

Ìbéèrè: Ó yà mí lẹ́nu o. Okùn tó gùn, tó tẹ́ sábẹ́ àjà, ni mo rò pé ó máa le jù. Àti pé àpapọ̀ 43 àti 53 ju 58.8 lọ dáadáa. Ibo ni èyí tó lé ti wá?

Ìdáhùn: Okùn tó tẹ́, ẹ̀gbẹ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìfà rẹ̀ ń lọ. Okùn tó dúró ṣánṣán, òkè ni tirẹ̀ ń lọ, díẹ̀ ló ṣẹ́ kù fún ẹ̀gbẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìfà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Kí èyí tó dúró ṣánṣán tó lè bá ìkejì rẹ̀ dọ́gba ní ẹ̀gbẹ́, àfi kó le jù ú lọ. Tí ibi tí wọ́n so okùn méjèèjì mọ́ lókè bá wà ní ìpele kan náà, okùn tó kúrú ló máa ń dúró jù, òun náà ló sì máa ń le jù. Ẹ lè fojú mọ ìyẹn kí ẹ tó kọ ìṣirò kankan.

Mo mọ ibi tí èrò yín ti wá, kò sì burú. Bí okùn *méjèèjì* bá jọ tẹ́ sí i, àwọn méjèèjì ló máa le sí i. Ẹ gbé àtùpà yìí kan náà sórí igun 10° àti 15°: T1 á di 134.4 N, T2 á di 137.0 N. Okùn kọ̀ọ̀kan ti wá ń fa ju ìlọ́po méjì ìwúwo àtùpà lọ. Ìdí rèé tí okùn tó mọ níwọ̀n fi lè já lọ́wọ́ ẹni tó fà á tẹ́ jù. Síbẹ̀ èyí tó ní 15° ṣì ló le jù.

Ní ti èyí tó lé, ìfà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Òsì àti ọ̀tún ń fi 37.3 N fa ara wọn, wọ́n sì pa ara wọn rẹ́, kò gbé ohunkóhun nínú ìwúwo àtùpà. Ìfà sókè nìkan ni ẹ lè rò pọ̀ kó bá ìwúwo dọ́gba.

Ìbéèrè: Mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́, ẹ̀rọ ìṣirò mi ń gbé iye tó ní àmì ìyọkúrò jáde.

Ìdáhùn: Ẹ tẹ sin(30). Tó bá gbé 0.5 jáde, ó dára. Tó bá jẹ́ -0.988 ni, RAD ló wà, ẹ yí i sí DEG. Okùn kì í ti nǹkan, fífà nìkan ló mọ̀, nítorí náà iye tó bá ní àmì ìyọkúrò nínú ìṣirò yìí ti fi àṣìṣe hàn.

Ìbéèrè: Nínú ìbéèrè mìíràn lórí àtùpà kílò 6 kan náà, láti ara ìlà tó dúró lóòró ni wọ́n ti wọn 30° àti 45°. Ìlànà yẹn náà ni mo lò, okùn òsì sì bá ti ìwé mu. Kí ló dé tí ti ọ̀tún ò bá a mu?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ yọ igun kọ̀ọ̀kan kúrò nínú 90°, kí ẹ tó lo ìlànà tó wà lókè. 30° á di 60°, 45° á ṣì jẹ́ 45°. Òsì ti wá di okùn tó dúró jù, òun ló sì gbọ́dọ̀ le jù: T1 = 43.05 N, T2 = 30.44 N. Ẹ wò ó, T1 ò yí padà rárá. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni pé T1 jẹ́ ìwúwo lọ́nà cos igun okùn kejì, tí a fi sin àpapọ̀ igun méjèèjì pín. Igun ọ̀tún ò yí padà, sin 75° àti sin 105° sì jẹ́ iye kan náà. Okùn kan péré tó bá ìwé mu ò tó láti mọ̀ pé a gbà á. Ẹ fi iye méjèèjì sínú ìfà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú igun tí ẹ ti yí padà: 43.05 × cos 60° jẹ́ 21.5 N, 30.44 × cos 45° náà jẹ́ 21.5 N. Tí ẹ bá fi 52.72 sí ọ̀tún, 37.3 N ni ẹ máa rí níbẹ̀, kò sì ní dọ́gba.